Lẹ́tà ìbéèrè fún àkókò lórí kọ̀ǹpútà ńlá: ẹ wọn ìdì àwòrán kan ná kí ẹ tó mú bírò

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni mí, kòkòrò ibà ni mo ń ṣèwádìí lé lórí. Mo ti fi maikirosíkóòpù ya ìdì àwòrán 312, àmọ́ bàìbàì ni wọ́n rí, mi ò lè ka iye kókó tó wà nínú kòkòrò kan. Láńtọ́ọ̀pù mi ń dákú tí mo bá ní kí ó tún wọn ṣe. Ọ̀gá mi ní kí n kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá yunifásítì wa. Mo kọ ọ́, wọ́n dá a padà, wọ́n ní kò kún tó. Kí ló yẹ kí n kọ sínú rẹ̀? Lẹ́ǹsì olóròóró 100x ni mo lò, NA 1.4, ìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1024 × 1024, ìpele 64.*

Ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá kò nílò kí ẹ ṣàlàyé bí ibà ṣe ń pa èèyàn fún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dupò lórí ẹ̀rọ kan náà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó mọ ibi tí yóò ti yín bọ ìlà. Nǹkan mẹ́rin ló ń wá nínú lẹ́tà: kóò mélòó, ìyẹn àwọn ọwọ́ iṣẹ́ inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, wákàtí mélòó, mẹ́mọ́rì mélòó, àti ààyè ìpamọ́ fáìlì mélòó. Bí ẹ bá kọ “mo ní àwòrán púpọ̀ tó gba agbára”, kò sí èyíkéyìí níbẹ̀ tó lè tẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ẹ kò sì lè finú ro iye wọ̀nyí. Ìdì àwòrán kan ṣoṣo, ìyẹn àwòrán pẹlẹbẹ 64 tó tò lérí ara wọn, ni ẹ óò fi wọ̀n wọ́n, ẹ óò wá sọ ọ́ di púpọ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí kọ̀ǹpútà fẹ́ ṣe, torí ibẹ̀ ni iye náà ti ń wá. Kókó inú kòkòrò ni ẹ fi àwọ̀ DAPI kùn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 461 nánómítà. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì yín, tí NA 1.4 rẹ̀ ń sọ bó ṣe ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ tó, ohun méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gbọ́dọ̀ jìnnà tó 200 nánómítà kí ojú tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ọ̀kan bá wà lórí èkejì ńkọ́? Ó di nǹkan bí 710. Kòkòrò ibà *falciparum* tó ti gbó máa ń ní ọmọ 16 sí 32 nínú ẹyọ ẹ̀jẹ̀ pupa kan ṣoṣo, wọ́n há mọ́ra, àwọn kan gun orí àwọn kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fi ń ṣeé kà, tí àwọn tó gun ara wọn sì ń di ẹyọ kan gbọọrọ lójú yín.

Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe ni dikọnfolúṣọ̀n. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí ẹ óò rí lójú ẹ̀rọ bíi `Richardson-Lucy`. Òun náà ni wọ́n fi tún àwòrán awò ojú-sánmọ̀ Hubble ṣe láàárín 1990 sí 1993, nígbà tí dígí rẹ̀ kò gún. Kọ̀ǹpútà á fojú bù bí kókó náà ṣe rí gan-an, á mú ìfojúbù yẹn, á sọ ọ́ di bàìbàì bí lẹ́ǹsì yín ṣe máa ń ṣe é, á gbé e ti àwòrán kámẹ́rà, á wo ibi tí wọn ò ti bára mu, á tún ìfojúbù náà ṣe, á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lílọ bíbọ̀ kan yẹn ni mo ń pè ní àyípo. Bí lẹ́ǹsì ṣe ń sọ ojú kan ìmọ́lẹ̀ di bàìbàì ni fáìlì tó ń jẹ́ PSF ń sọ fún un. Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ atànmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́, oní 0.1 maikirómítà, ya PSF tiyín lórí maikirosíkóòpù kan náà, pẹ̀lú òróró kan náà. Ẹ má yá ti ẹlòmíràn lò.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ ṣa àwòrán. Wákàtí tí ẹ bá tọrọ fún àwòrán tí kò lè tún ṣe, ẹ ti sọ ọ́ nù nìyẹn. Ẹ ṣí ìdì kọ̀ọ̀kan nínú Fiji, ètò tí wọ́n fi ń wo àwòrán maikirosíkóòpù, kí ẹ tẹ `H`, kí ẹ wo iye tó ga jù. Kámẹ́rà púpọ̀ ló jẹ́ oníbíìtì 12 bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú fáìlì oníbíìtì 16 ló ń kó iye rẹ̀ sí, nítorí náà 4095 ni òkè àjà, ẹ má jókòó máa retí 65535. Bí ààrin àwọn kókó bá ti kan 4095, kámẹ́rà ti yó, kò mọ ohun tó ju ìyẹn lọ mọ́, ìṣirò kò sì lè dá ohun tí kámẹ́rà kò gbà sílẹ̀ padà. Ẹ yọ ọ́. Èyí tí wọ́n ti fi pamọ́ bíi JPEG, ẹ yọ òun náà, torí àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tí ìfúnpọ̀ fáìlì fi síbẹ̀ ni ìṣirò náà yóò máa gbé yọ bí ẹni pé ara kòkòrò ni. Ẹ tún wo àlàfo láàárín ìpele méjì: pẹ̀lú DAPI àti lẹ́ǹsì yín, kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi 0.25 maikirómítà lọ, 0.2 ló dáa. Ẹni tó bá fi 0.5 yà á ti fo ohun tó fẹ́ kà kọjá, àfi kí ó lọ tún un yà. Ká ní nínú 312 yín, 24 jábọ́. Ó ku 288.

Láti mọ mẹ́mọ́rì, ìṣirò pẹ́ńsùlù ti tó. 1024 × 1024 × 64 ní báìtì méjì méjì jẹ́ mẹ́gábáìtì 128. Ìṣirò kì í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà odidi, yóò sọ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan di báìtì mẹ́rin: 256. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìpele òfìfo kún òkè àti ìsàlẹ̀ kí 64 di 128, torí ìṣirò Fúríè tí wọ́n fi ń yára ṣe é gbà pé òkè àwòrán so mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí agbádá tí wọ́n rán etí rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ kò bá fi àyè sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìpele òkè á jò sí ìpele ìsàlẹ̀. Ó ti di 512 nìyẹn. Ètò náà sì máa ń mú nǹkan bí ẹ̀dà mẹ́fà dání lẹ́ẹ̀kan náà: àwòrán kámẹ́rà, ìfojúbù, PSF, àti àwọn èyí tó ń fi ṣe ìṣirò lọ́wọ́. Gígábáìtì 3. Láńtọ́ọ̀pù tó ní 4, tí Windows sì ti jẹ lára rẹ̀, kò ṣẹ̀ bó bá dákú. Gígábáìtì 6 ni kí ẹ tọrọ fún iṣẹ́ kan, kí àyè wà fún ohun tí ẹ kò rí.

Ti àkókò kò ṣeé fi pẹ́ńsùlù ṣe. Ẹ bẹ àwọn aṣọ́-ẹ̀rọ fún wákàtí kan péré láti fi dánwò. Wọn kì í sábà kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì gba lẹ́tà gígùn. Ẹ mú ìdì kan, kí ẹ ṣe àyípo 10 pẹ̀lú kóò 4, kí ẹ tún ṣe 10 pẹ̀lú kóò 8, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú àáyá méjèèjì sílẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù. Wọ́n rò pé bí kóò bá di ìlọ́po méjì, àkókò á dín sí ìdajì. Kì í rí bẹ́ẹ̀, torí apá kan iṣẹ́ náà wà tí kò ṣeé pín, gbogbo kóò sì ń ti ara wọn níwájú mẹ́mọ́rì kan náà.

Ẹ jẹ́ ká fi iye sí i. Ká ní kóò 8 ń lo ìṣẹ́jú àáyá 9 fún àyípo kan, kóò 4 sì ń lo 11. Àyípo 40 ni ẹ fẹ́, ṣíṣí àti fífi fáìlì pamọ́ sì gba ìṣẹ́jú kan. Pẹ̀lú kóò 8, ìdì kan gba ìṣẹ́jú 7. 288 gba wákàtí 33.6. Pẹ̀lú kóò 4, ìdì kan gba ìṣẹ́jú àáyá 500. 288 gba wákàtí 40. Lójú akẹ́kọ̀ọ́, 33.6 ló yá. Àmọ́ wákàtí-kóò ni wọ́n fi ń ṣírò gbèsè yín, ìyẹn wákàtí lọ́nà iye kóò tí ẹ gbà. 33.6 lọ́nà 8 jẹ́ 268.8, 40 lọ́nà 4 jẹ́ 160. Kóò 4 dín in kù ní nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún. Wákàtí 40 yẹn pàápàá kò ní dá yín dúró, torí ìdì kan kò dúró de èkejì: bí wọ́n bá jẹ́ kí ìdì mẹ́jọ máa lọ pọ̀, ó di wákàtí 5, òru ọjọ́ kan. Aṣọ́-ẹ̀rọ tó bá rí i pé ẹ ti wọn méjèèjì tí ẹ sì mú èyí tó dín gbèsè kù kò ní bi yín léèrè púpọ̀ mọ́.

Ẹ fi ìdá mẹ́rin kan kún 160, kó di 200, fún ìdánwò àti àwọn tí yóò kùnà. Ẹ má fi ìlọ́po mẹ́ta kún un láti fi ṣe “bóyá”. Wọ́n mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn ìlà ni wọ́n sì máa ń gbé irú rẹ̀ sí. Ní ti ààyè fáìlì, àwòrán ìpìlẹ̀ 288 jẹ́ gígábáìtì 36, àbájáde tó jẹ́ oníbáìtì mẹ́rin jẹ́ 72, àpapọ̀ 108. Ẹ tọrọ 120.

Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ óò fi kọ lẹ́tà náà ránṣẹ́, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe yẹ kó tò nìyí:

> Sí Olùdarí, Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà Ńlá.
>
> Ìbéèrè fún wákàtí-kóò 200 láti fi ṣe dikọnfolúṣọ̀n àwòrán maikirosíkóòpù.
>
> Akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni mí ní Ẹ̀ka Ìmọ̀ Kòkòrò Àìrí. Mo fẹ́ ka kókó inú kòkòrò ibà lábẹ́ ìwọ̀n oògùn mẹ́ta, ní wákàtí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kókó tó gun ara wọn kò ṣeé yà sọ́tọ̀ nínú àwòrán bó ṣe wà. Mo ti ṣa àwòrán. Ìdì 288 ló ku, ọ̀kọ̀ọ̀kan 1024 × 1024 × 64, bíìtì 16.
>
> Mo dán ìdì kan wò lórí ẹ̀rọ yín. Pẹ̀lú kóò 4, àyípo kan gba ìṣẹ́jú àáyá 11. Pẹ̀lú kóò 8, ó gba 9. Nítorí náà, kóò 4 ni mo tọrọ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àyípo 40 àti ìṣẹ́jú kan fún fáìlì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 500 fún ìdì kan, wákàtí-kóò 160 fún gbogbo rẹ̀. Mo fi 40 kún un fún ìdánwò àti àtúnṣe. Iṣẹ́ kan nílò mẹ́mọ́rì gígábáìtì 6. Ààyè fáìlì tí mo nílò jẹ́ gígábáìtì 120 fún ọgbọ̀n ọjọ́, lẹ́yìn èyí ni n ó kó ẹrù mi kúrò. Òru tàbí òpin ọ̀sẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. N kò nílò káàdì àwòrán.
>
> Ètò tí n ó lò kò nílò ìwé àṣẹ, mo sì lè gbé e sínú àpò tèmi láìsí ìrànlọ́wọ́ alábòójútó ẹ̀rọ. N ó dárúkọ Ẹ̀ka yín nínú àpilẹ̀kọ oyè mi.
>
> Ìbuwọ́lù akẹ́kọ̀ọ́. Ìbuwọ́lù alábòójútó ìwádìí.

Ojú ìwé kan ni. Gbólóhùn “òru tàbí òpin ọ̀sẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn” wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ máa ń ṣófo. Ti káàdì àwòrán náà rí bẹ́ẹ̀: ìlà àwọn tó ń dúró dè é ló sábà máa ń gùn jù, ẹni tó bá sọ pé òun kò nílò rẹ̀ ti mú ara rẹ̀ kúrò nínú ìlà yẹn. Ẹ má gbàgbé ìbuwọ́lù ọ̀gá yín, torí lórúkọ ọ̀gá ni wọ́n máa ń ṣí àpò wákàtí, akẹ́kọ̀ọ́ wulẹ̀ ń ná an ni.

Bí wọ́n bá ti gbà fún yín, tó sì jẹ́ Slurm ló ń tò wọ́n sí ìlà, ìwé iṣẹ́ náà kò gùn:

```
#!/bin/bash
#SBATCH --job-name=dekon
#SBATCH --array=1-288%8
#SBATCH --cpus-per-task=4
#SBATCH --mem=6G
#SBATCH --time=00:20:00
srun --cpus-per-task=4 ./dekon.sh $SLURM_ARRAY_TASK_ID
```

`dekon.sh` ni ìwé àṣẹ tiyín tó ń ṣe dikọnfolúṣọ̀n ìdì kan, nọ́ńbà ìdì náà ni Slurm ń fún un. `%8` ló ń sọ pé kí mẹ́jọ péré máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú 20 ni mo fi sí iṣẹ́ tí ẹ wọ̀n sí ìṣẹ́jú 8 lé díẹ̀. Bí ẹ bá kọ wákàtí 24 síbẹ̀, Slurm á gbà yín gbọ́, kò sì ní rí àlàfo kékeré tó lè ti iṣẹ́ yín bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi `--array=1-3` rán mẹ́ta lọ. Bí wọ́n bá parí, ẹ fi nọ́ńbà iṣẹ́ yín bi í:

```
sacct -j 4821 --format=JobID,Elapsed,MaxRSS,State
```

Bí `State` bá jẹ́ `TIMEOUT`, àkókò ni kò tó. Bó bá jẹ́ `OUT_OF_MEMORY`, ètò yín ti jẹ kọjá gígábáìtì 6. Èyí tó máa ń dààmú èèyàn ni kí ó jẹ́ `FAILED`, kí `MaxRSS`, ìyẹn mẹ́mọ́rì tó pọ̀ jù tí iṣẹ́ náà lò, sì kéré, kí `OutOfMemoryError` sì wà nínú fáìlì ìròyìn. Java ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òdiwọ̀n mẹ́mọ́rì tirẹ̀ tí Slurm kò mọ̀ sí. Ẹ fi `-Xmx5g` sí àṣẹ Java inú `dekon.sh`, kí ẹ má lọ tọrọ mẹ́mọ́rì sí i.

Ó ku àyípo 40 tí mo kàn gbé kalẹ̀. Kí ẹ tó rán 288 lọ, ẹ mú ìdì mẹ́ta, kí ẹ ṣe wọ́n ní 10, 20, 40 àti 80, kí ẹ gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gbogbo rẹ̀ kò gba ju wákàtí-kóò 7 lọ nínú 40 tí ẹ fi kún un. Ní 10, àwọn kókó ṣì ń lẹ̀ mọ́ra. Bí àyípo ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń yà. Lẹ́yìn náà ni ibi tó yẹ kó ṣókùnkùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéwo: àwọn àmì wẹ́wẹ́ tó mọ́lẹ̀ gan-an, tí wọn kò ju píksẹ́lì kan tàbí méjì lọ. Ariwo kámẹ́rà nìyẹn, ìṣirò ti gbà á fún ohun gidi ó sì ti ń fún un ní ara. Ẹ padà sẹ́yìn sí iye àyípo tó ṣáájú rẹ̀, kí ẹ sì lo iye kan náà fún gbogbo ìdì, èyí tó ní oògùn àti èyí tí kò ní.

Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ dán an wò pẹ̀lú: ìlẹ̀kẹ̀ kan tó dá wà gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ ẹyọ kan lẹ́yìn àyípo 40. Bó bá ti ní òrùka yíká, tàbí ó ní ìrù lókè tí kò sì ní nísàlẹ̀, PSF yín kò bá àwòrán mu. Ohun tó máa ń fà á ni pé omi lásán ni ẹ fi bo àyẹ̀wò yín, tí ìtẹ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.33, nígbà tí òróró lẹ́ǹsì jẹ́ 1.515. Àwọn kan máa ń fi kòkòrò ibà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀, èyí tó rí bí òrùka, dípò ìlẹ̀kẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé kókó kan ló ní. Kò dára, torí òrùka *falciparum* lè ní àmì méjì látilẹ̀wá, ẹ ó sì máa bá PSF jà láìnídìí.

Nínú àpilẹ̀kọ, ẹ kọ orúkọ ètò náà àti ẹ̀dà rẹ̀, iye àyípo, bí ẹ ṣe rí PSF, àti iye ìdì tí ẹ yọ pẹ̀lú ìdí tí ẹ fi yọ ọ́. Ẹ gbé àwòrán ìpìlẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ tún ṣe, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí ẹ tò bákan náà. Iye kókó ni kí ẹ kà lórí àwòrán tí ẹ tún ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ wọn bí àwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó, ẹ padà sórí ti ìpìlẹ̀, torí àyípo kọ̀ọ̀kan ti kó ìmọ́lẹ̀ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Nítorí náà, kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé tí wọ́n á fi nu ààyè fáìlì yín, ẹ ríi dájú pé gígábáìtì 36 àkọ́kọ́ yẹn wà lórí dírááfù méjì tí kì í gbé inú ilé kan náà.